Ìfòòró Níbi Iṣẹ́ Tí Kò Jẹ Mọ́ Ẹ̀yà, Ẹ̀sìn Tàbí Akọ-n-Bábo: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Àwọn ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ máa ń bèèrè jù nípa ọ̀gá tàbí alájọṣiṣẹ́ tó ń fòòró wọn nìyí, pàápàá nígbà tí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ọjọ́ orí pé òun ló fà á. Òfin ilẹ̀ kan kò bá ti òmíràn mu, nítorí náà a dárúkọ ilẹ̀ níbi tó bá ti yẹ. Kí ẹ tó pe ẹjọ́, ẹ rí agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ni à ń pè ní ìfòòró níbi iṣẹ́ gan-an?

Ìwà tí kò bójú mu ni, tí ẹnì kan tàbí àwọn kan ń hù sí òṣìṣẹ́ léraléra, tó ń dójú tì í, tó ń kó ìpayà bá a, tó sì lè ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Ariwo àti èébú ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní ariwo nínú ló pọ̀ jù. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn láìsọ ìdí. Wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìpàdé tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n á gbé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún un pé kó parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n á ní kò mọṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ òfin ló ń fẹ́ kí ìwà náà wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ Àdéhùn 190 tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ (ILO) ṣe ní 2019 gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré náà lè tó, bákan náà sì ni òfin Kùbẹ́ẹ̀kì ní Kánádà, bó bá burú débi tó fi ṣe ọṣẹ́ tó pẹ́. Ẹ lè rí i kà níbì kan pé ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Òṣùwọ̀n tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Heinz Leymann fi ń ṣe ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe òfin. Ẹ má torí rẹ̀ dúró de oṣù kẹfà.

Ọ̀gá mi le, ó sì máa ń bá mi wí. Ṣé ìfòòró nìyẹn?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti pín iṣẹ́, láti sọ pé iṣẹ́ kan kò dára, láti bèèrè ìdí tí èèyàn fi pẹ́ dé, àní láti bẹ̀rẹ̀ ètò ìbáwí. Òfin Ọsirélíà sọ ọ́ kedere pé ìgbésẹ̀ alábòójútó tó mọ́gbọ́n dání, tí wọ́n sì gbé lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání, kì í ṣe ìfòòró.

Apá kejì gbólóhùn yẹn ni ká fọkàn sí. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe lè tọ́ kí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é má tọ́. Bó bá pe òṣìṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó fi àṣìṣe mẹ́ta inú ìròyìn hàn án, tó ní kó tún un ṣe kó tó di ọ̀la, iṣẹ́ ọ̀gá ló ń ṣe. Bó bá ju ìròyìn kan náà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn tó ní "ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe ju èyí lọ", àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọjá àyè rẹ̀.

"Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wa nìyẹn." Kí ló dé tí gbólóhùn yìí fi ń ba ẹjọ́ jẹ́?

Nítorí pé òfin tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sá tọ̀ lọ ni òfin tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí, òfin yẹn kò sì ka ìwà burúkú sí bí kò bá nídìí kan pàtó. Ní Bírítéènì, Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 ka nǹkan mẹ́sàn-án tó dáàbò bò: ọjọ́ orí, àìlera ara, yíyí akọ padà sí abo tàbí abo sí akọ, ìgbéyàwó, oyún àti ìbímọ, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́, jíjẹ́ akọ tàbí abo, àti irú ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí. Bí ìfòòró kò bá tan mọ́ ọ̀kan nínú wọn, òfin yẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní 1998 pé òfin ìdẹ́yẹsí wọn kì í ṣe òfin ọmọlúàbí tí wọ́n fi ń tọ́ gbogbo ibi iṣẹ́ sọ́nà.

Ọ̀gá tó bú ọkùnrin bú obìnrin, tó bú àgbà bú ọmọdé, á wá bọ́ lọ́wọ́ òfin náà torí pé ó bú gbogbo wọn dọ́gba. Ó dunni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé kí ẹ má fipá wá ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní in nínú. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wá já sí irọ́, ìyókù tó jẹ́ òótọ́ á bá a lọ.

Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbà pé kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ ti sọ pé òun lóyún, tàbí pé àìsàn kan ń yọ òun lẹ́nu, ni nǹkan yí padà, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ọ̀nà rẹ̀ sì rọrùn ju èyí tí a ń sọ níhìn-ín lọ.

Ṣé kò wá sí òfin kankan fún mi nìyẹn?

Ó wà, àmọ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ òfin ìfòòró. Ohun mẹ́ta lèèyàn lè dì mú. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn iṣẹ́ àti ìlànà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìkejì ni ojúṣe agbanisíṣẹ́ láti má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ba ìlera òṣìṣẹ́ jẹ́, tí ìlera ọkàn sì wà nínú rẹ̀. Ìkẹta ni òfin tó kan gbogbo aráàlú, yálà wọ́n wà níbi iṣẹ́ tàbí ní ìgboro: òfin tó lòdì sí ìhalẹ̀, sí ìyọnilẹ́nu léraléra, sí bíbani lórúkọ jẹ́.

Kò sí èyí tó bèèrè irú ẹni tí ẹ jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà sí ẹ lára, àti ẹni tó mọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Orí èyí ni gbogbo ìmọ̀ràn tó kù nísàlẹ̀ dúró lé.

Ilẹ̀ wo ló ní òfin tó dojú kọ ìfòòró fúnra rẹ̀?

Súwídìn ló ṣíwájú, pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1993. Faransé tẹ̀ lé e ní 2002. Lọ́dọ̀ àwọn ará Faransé, òṣìṣẹ́ kò nílò láti fi hàn pé wọ́n fẹ́ pa òun lára: bí ìwà náà bá ti ba ipò iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ débi tó lè pa iyì tàbí ìlera rẹ̀ lára, ó tó. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti owó ìtanràn yúrò 30,000 lè wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti dá àwọn ọ̀gá àgbà France Télécom lẹ́bi ní 2019 fún ètò tí wọ́n fi ni àwọn òṣìṣẹ́ lára kí wọ́n lè fúnra wọn kúrò, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2025.

Kùbẹ́ẹ̀kì ní tiwọn láti 2004. Ní Ọsirélíà, láti 2014, òṣìṣẹ́ lè lọ bá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fair Work Commission pé kó pàṣẹ kí ìfòòró dáwọ́ dúró, ìgbìmọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ náà láàárín ọjọ́ 14. Àṣẹ yẹn kò ní owó nínú o. Ìdí ni pé ohun tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ni kí ibi iṣẹ́ lè ṣeé gbé lọ́la, kì í ṣe kí wọ́n san gbèsè àná. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kò sì lè rí i gbà mọ́, torí kò sí ọ̀la tí wọ́n máa dáàbò bò níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan lórí rẹ̀. Puẹto Ríkò ṣe tirẹ̀ ní 2020. Bírítéènì náà kò ní òfin tó dá dúró, ṣùgbọ́n àwọn òfin tí a máa dárúkọ nísàlẹ̀ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ti Àdéhùn 190, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2021. Nàìjíríà àti Bírítéènì wà lára àwọn tó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìtọwọ́bọ̀wé nìkan kì í fún òṣìṣẹ́ ní ẹjọ́ tó lè gbé lọ síwájú adájọ́ níbi gbogbo.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń yè tàbí tó ti ń kú, ó sì pẹ́ kó tó dọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹ fi dáhùn, àti ohun tó ṣe fún ara yín. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan náà máa ń wúwo lójú adájọ́ ju ìrántí oṣù mẹ́jọ lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ akọ̀wé ìṣirò owó kan tí a máa tẹ̀ lé títí dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe kọ tirẹ̀ nìyí:

"Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta, aago 9:10 àárọ̀, yàrá ìpàdé. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Mo ń ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ní, 'Ta ló gba òpònú yìí síṣẹ́?' Ẹni méjì rẹ́rìn-ín. Mi ò fèsì. Mo jáde lọ sílé ìtọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo padà sídìí iṣẹ́ ní 9:40."

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò pe ọ̀gá ní ìkà, kò sọ pé ó kórìíra òun. Ẹni tó bá kà á á fúnra rẹ̀ rí i. Kò sì fi ti ara rẹ̀ pa mọ́: bó bá jẹ́ pé ó fèsì, tó bú u padà, ó yẹ kó kọ ọ́, torí ẹlòmíràn á sọ ọ́ bí òun kò bá sọ ọ́.

Ẹ má kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ̀ǹpútà náà, àkọsílẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ìwé tiyín tàbí fóònù tiyín ló yẹ. Àmọ́ kí ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ máa fi ìwé àṣírí ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti torí ìyẹn lé òṣìṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń fòòró ló sì padà di arúfin.

Ṣé mo lè fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀?

Ó kù sí ilẹ̀ tí ẹ wà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn ni bí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá gbà sí i. Níbòmíràn kì í ṣe ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìlànà ilé-iṣẹ́ lè kà á sí ìwà àìtọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lẹ́yìn ìpàdé, pé "gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ láàárọ̀ yìí, ẹ ti gba ìròyìn oṣù lọ́wọ́ mi", máa ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì léwu.

Báwo ni lẹ́tà ẹ̀sùn ṣe yẹ kó rí?

Kó kúrú. Kó dárúkọ ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ìwà náà rú, torí ohun tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ṣòro jù fún un láti sẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlànà ló ní ìpín kan lórí iyì òṣìṣẹ́ tàbí lórí ìfòòró, òun fúnra rẹ̀ kò sì bèèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ẹ wá a, ẹ kọ nọ́ńbà ìpín náà sínú lẹ́tà.

Akọ̀wé wa ní ìṣẹ̀lẹ̀ bíi ogún nínú ìwé rẹ̀. Mẹ́rin ló mú: ọ̀rọ̀ "òpònú" nínú ìpàdé, ìròyìn oṣù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ìdí tí wọ́n gbé fún ọmọ abẹ́ rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́fà láàárín aago 11 òru sí aago 1 ní alẹ́ kan, àti ìsinmi tí wọ́n ti fọwọ́ sí tí wọ́n wá fagi lé nígbà tó ku ọjọ́ kan. Àwọn tó kù, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà. Ìdí tó fi mú mẹ́rin yìí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí tàbí ìwé. Èyí tó dùn ún jù nínú ọkàn, ìyẹn bí ọ̀gá ṣe máa ń wò ó tó sì máa ń mí kanlẹ̀ bó bá wọlé, kò sí lára wọn. Kò sẹ́ni tó lè wádìí ìmíkanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó kọ ohun tó ṣe fún ìlera rẹ̀, ní gbólóhùn méjì: "Láti oṣù Kẹrin ni oorun mi kò ti pé mọ́, dókítà sì ti rí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń fi èyí tó yín létí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́." Gbólóhùn kejì yẹn ṣe kókó, a máa sọ ìdí rẹ̀ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀san. Ó wá bèèrè ohun mẹ́ta tó ṣeé ṣe: kí alábòójútó mìíràn máa yẹ iṣẹ́ òun wò títí ìwádìí á fi parí, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi gba ìròyìn oṣù ránṣẹ́ sí òun, kí àtẹ̀jíṣẹ́ iṣẹ́ má wọlé lẹ́yìn aago méje alẹ́. "Ẹ lé e kúrò" kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá máa lé e, ìwádìí ni yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ̀ka tó ń mójútó òṣìṣẹ́ á gbè mí?

Ilé-iṣẹ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́, tirẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ọ̀tá ni wọ́n. Ohun tó ń kan ilé-iṣẹ́ lára, ìyẹn ẹjọ́, owó àti orúkọ, ni wọ́n ń ṣọ́, lẹ́tà tó bá fi hàn pé èyíkéyìí nínú wọn wà nínú ewu ni wọ́n máa ń tètè gbé. Ẹ má sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀ pé "mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni". Lọ́jọ́ tó bá dìjà, kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ sọ nǹkan kan, wọ́n á sì lè ní àwọn kò mọ̀.

Ìwádìí gidi máa ń ní ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó ń bá àwọn ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń parí sórí ìwé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọ̀gá náà ni wọ́n ní kó wádìí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dá ẹ̀sùn yín nù, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí ìlànà bá fàyè gbà á. Ní Bírítéènì, bí ọ̀rọ̀ bá dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì rí i pé ilé-iṣẹ́ kò tẹ̀ lé ìlànà tí Acas, àjọ tó ń rí sí aáwọ̀ níbi iṣẹ́ níbẹ̀, ṣe lórí ẹ̀sùn, láìnídìí, wọ́n lè fi tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó gbà-má-bínú. Wọ́n sì lè gé e kù bákan náà bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni kò tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní "aáwọ̀ ẹni méjì" ni, pé ká jọ jókòó pẹ̀lú onílàjà. Ṣé kí n gbà?

Bó bá jẹ́ pé agbára yín kò jìnnà síra, tó sì jẹ́ pé ẹ kàn ṣi ara yín lóye ni, ìlàjà dára. Bó bá jẹ́ ẹni tó lè kọ ìròyìn burúkú nípa yín lọ́la ni ẹ fẹ́ lọ jókòó tì, a kì í gbà á nímọ̀ràn. Ìlàjà kì í sọ ẹni tó jẹ̀bi, ohun tí ẹ bá sì sọ níbẹ̀ kì í sábà ṣeé lò bí ẹ̀rí. Ẹ lè kọ̀ ọ́ lọ́nà ọmọlúàbí: "Ẹ jẹ́ kí ìwádìí kọ́kọ́ parí, ká tó sọ̀rọ̀ ìlàjà."

Bí wọ́n bá gbẹ̀san torí pé mo fẹ̀sùn sùn ńkọ́?

Ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń já sí nìyí. Ní Bírítéènì, ààbò lòdì sí ẹ̀san tó wà nínú Òfin Ìdọ́gba wà fún ẹni tó fẹ̀sùn ìdẹ́yẹsí kàn ni. Ẹni tó bá kàn kọ pé "ọ̀gá mi ń fòòró mi", láìsọ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́sàn-án yẹn, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé wa fi kọ "ọ̀rọ̀ ìlera àti ààbò". Òfin Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ ọdún 1996 kò gbà kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ní ọ̀nà tó yẹ, pé ohun kan wà níbi iṣẹ́ tó lè pa ìlera lára. Kò sì bèèrè pé kó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ibi iṣẹ́ bá ní aṣojú ètò ààbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbé e gbà. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lójú yín o. Ẹni tí ìlera rẹ̀ pé tó kọ ọ́ bí àdábọwọ́ á rí i pé wọ́n á bèèrè dókítà.

Ṣé mo lè fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n wá pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ó ṣeé ṣe ní àwọn ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òun ló rọrùn jù láti fi pàdánù ohun gbogbo. Lábẹ́ òfin Bírítéènì, àdéhùn iṣẹ́ ní ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ nínú, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá ba ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn jẹ́ pátápátá, òṣìṣẹ́ lè kúrò kó sì kà á sí pé wọ́n lé òun. Ìgbẹ̀yìn tó dà á rú lè jẹ́ ohun kékeré, bó bá ti kún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Ibi mẹ́ta ló ti máa ń bàjẹ́. Ẹni tó bá dúró pẹ́ jù lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó kẹ́yìn, tó ń gba owó oṣù láìfọhùn, lè dà bí ẹni tó ti gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ sínú lẹ́tà ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ pé "ọpẹ́ ni fún àǹfààní tí ẹ fún mi", pẹ̀lú ọ̀yàyà, ti kọ ẹ̀rí ta ko ara rẹ̀. Ẹni tí kò sì tíì pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, òfin kò gbà á láyè: ọdún méjì ni wọ́n ti ń bèèrè, òfin tuntun ọdún 2025 sì sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2027.

Lẹ́tà tó dára máa ń sọ ìdí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan: "Mo ń fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwà tí mo ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ sùn ní ọjọ́ báyìí, tí ẹ kò sì ṣe nǹkan kan sí i." Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á.

Ṣé mo lè gba owó fún ìyà tí wọ́n fi jẹ mí?

Ní Bírítéènì, Òfin Ààbò Kúrò Lọ́wọ́ Ìyọnilẹ́nu ọdún 1997 wà. Wọ́n ṣe é nítorí àwọn tó ń tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn kiri ní ìgboro, ṣùgbọ́n ní 2006, nínú ẹjọ́ Majrowski, àwọn adájọ́ gíga jù lọ sọ pé agbanisíṣẹ́ náà lè jẹ̀bi bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló hu ìwà náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kó sì burú dé ìwọ̀n tó lè di ọ̀ràn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò bèèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, ọdún mẹ́fà sì wà láti fi pe ẹjọ́. Lọ́dún 2006 yẹn kan náà, òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù gba owó tó lé ní pọ́n-ùn 800,000 lórí ìfòòró àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọ̀gá mọ̀ tí wọn kò dá sí. Ìlera rẹ̀ àti iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́ ló gbé owó náà ga. Ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìhalẹ̀ lásán ló ti gba àwọn kan. Ní ìpínlẹ̀ Indiana, oníṣẹ́ abẹ kan bínú sún mọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ọkàn, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ń pariwo mọ́ ọn títí ó fi fẹ̀yìn kan ògiri. Kò fọwọ́ kàn án. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí dọ́là 325,000 fún un ní 2008, torí pé ó dá a níjì pé yóò lu òun. Níbi tí kò bá sí irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtijà ẹjọ́ lórí ìbànújẹ́ ọkàn nìkan le gan-an lọ́hùn-ún.

Àwa mẹ́rin ni ọ̀gá ń fòòró. Ṣé ká lọ pa pọ̀?

Ó sábà máa ń dára bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1935 lórí àjọṣe òṣìṣẹ́ dáàbò bo ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aládàáni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ipò iṣẹ́ wọn dìde pa pọ̀, wọn ì báà má ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àmọ́ kò kan àwọn alábòójútó. "Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wa nìyẹn" tó ba ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí jẹ́ lókè ló wá di agbára níhìn-ín. Kí olúkúlùkù kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ o, láìwo ti ẹnìkejì. Bí àkọsílẹ̀ mẹ́rin bá bára mu dé orí àmì ìdánudúró, wọ́n á ní ẹ jọ hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ọmọ abẹ́ mi ló ń fòòró mi. Ṣé ìyẹn wà?

Ó wà. Wọ́n lè kọ̀ láti jíṣẹ́, kí wọ́n fi ìsọfúnni pa mọ́ fún ọ̀gá tuntun, kí wọ́n máa kọ ẹ̀sùn èké lé ẹ̀sùn èké. Ìlànà kan náà ló kàn án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá bá wọn wí lè di ẹni tí wọ́n pè ní afòòró-ẹni, nítorí náà kí ọ̀gá yẹn fi ọ̀rọ̀ tó ẹni tó wà lókè rẹ̀ létí lórí ìwé, kí ìbáwí kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ fún mi lówó kí n kúrò, kí n sì tọwọ́ bọ̀wé pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ wò ó bóyá owó náà ju ohun tó jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀ lọ. Owó oṣù ìkìlọ̀ àti owó ìsinmi tí ẹ kò lò, ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n máa kọ bí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ tó wá bèèrè nípa yín, kí wọ́n sì so ọ̀rọ̀ náà gan-an mọ́ àdéhùn. Ní Bírítéènì, ìwé náà kò lè di ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́ pa àyàfi bí olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, agbanisíṣẹ́ ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀.

Ohun tó ń sá lọ ni ọjọ́. Oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti ń gbà ní Bírítéènì, òfin tuntun sì ti là á sílẹ̀ pé yóò di mẹ́fà. Ní Kùbẹ́ẹ̀kì ọdún méjì ni, láti ìgbà tí ìfòòró tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀. Ìjíròrò lórí owó kì í dá aago náà dúró, ilé-iṣẹ́ tó bá sì ń sọ pé "ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i" nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó mọ ohun tó ń ṣe.